Àpótí Ló Ń Jí Wọn

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Ó mú àpótí funfun kékeré kan dání, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Pọ́ọ̀dù mi ti kú. Àwọn méjèèjì ni o." Ó ṣí ọmọrí àpótí náà, ó yọ wọ́n jáde, ó kì wọ́n bọ etí, ó sì dákẹ́ kí n lè rí i. Ohùn tó máa ń sọ fún un pé wọ́n ti tàn kò dún. Iná bíńtín tó máa ń ṣẹ́jú lára wọn kò ṣẹ́jú. Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì, ó ṣí i sí ibi tí wọ́n kọ Bluetooth sí, kò sí ohun tó yí padà níbẹ̀.

Kò tíì tó oṣù mẹ́rin tó rà wọ́n. Ó ti ń ṣírò iye tí yóò fi ra òmíràn, ó sì ti fẹ́ ju èyí sínú àpò ìdọ̀tí. Mo ní kó fún mi ní àpótí. Ó na àwọn pọ́ọ̀dù sí mi. Mo ní, "Rárá, àpótí gan-an ni mo ń bèèrè."

Íápíìsì aláìníwáyà ni mò ń sọ, irú èyí tí ọ̀tún dá dúró tí òsì dá dúró, tí kò sí okùn kankan láàárín wọn. Àwọn ọmọ ilé wa ń pè é ní pọ́ọ̀dù, ohun tí èmi náà yóò máa pè é nìyẹn. Bí wọ́n bá yọ ọ́ jáde nínú àpótí tí kò tàn, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbà pé pọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́. Ó dùn mí pé a máa ń sọ àwọn tí kò bàjẹ́ nù, nítorí nínú àwọn tí mo ti fọwọ́ ara mi yẹ̀ wò, àpótí ni mo sábà máa ń rí àìsàn náà lára rẹ̀, tàbí ibi tí pọ́ọ̀dù ti ń fara kan àpótí.

Kí a má baà ṣi ọ̀ràn mú, pọ́ọ̀dù tó tàn tí kò rí fóònù yàtọ̀ sí pọ́ọ̀dù tí kò tàn rárá. Èyí tó tàn yóò fọhùn tàbí kí iná rẹ̀ máa ṣẹ́jú. Àárín òun àti fóònù ni ìjà wà, a ó sì ní kí fóònù gbàgbé rẹ̀ kí a tún wọn so pọ̀. Èyí tí kò tàn kì í fọhùn, kì í ṣẹ́jú, bí òkúta ló ń rí nínú etí. Irú èyí ni ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ wò ó, a kì í tẹ ohunkóhun kí pọ́ọ̀dù tó tàn. A yọ ọ́, ó tàn. A dá a padà, ó sùn. Báwo ló ṣe ń mọ̀ pé òun ti kúrò nílé? Bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sínú ihò tí pọ́ọ̀dù ń sùn sí, ẹ ó rí eyín irin kéékèèké, méjì ní ọ̀pọ̀ ìgbà, mẹ́ta nínú àwọn mìíràn, tí wọ́n yọrí wúrà sókè. Sípírín-ìn wà lábẹ́ wọn, bí ẹ bá fi nǹkan tẹ̀ wọ́n, wọn yóò wọlé, wọn yóò tún jáde. Lára pọ́ọ̀dù náà, ojú irin pẹlẹbẹ wà tó dọ́gba pẹ̀lú eyín wọ̀nyí. Òòfà tó wà nínú ihò ló ń fa pọ́ọ̀dù wálẹ̀ kí irin lè bá irin pàdé.

Iná tí àpótí ń fi ránṣẹ́ gba orí eyín wọ̀nyí tó nǹkan bí fóòtì 5. Iná kan náà yìí ló ń kún bátìrì pọ́ọ̀dù, òun náà sì ni àmì tó ń sọ fún un pé ilé ló wà. Bó bá ti ń rí fóòtì 5 yìí, yóò pa ara rẹ̀, yóò sì máa jẹun. Ní kété tí iná náà bá já, yóò gbà pé wọ́n ti gbé òun jáde, yóò sì jí. Bí ọmọ tó sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀ ló ṣe rí: kò sí ẹni tó pè é, títú tí wọ́n tú ọ̀já ló jí i.

Nítorí náà, ohun tó ń jí pọ́ọ̀dù ni iná tó wà tẹ́lẹ̀ tí kò sí mọ́. Bí àpótí kò bá ní nǹkan kan nínú, kò sí ohun tó máa já nígbà tí ẹ bá yọ pọ́ọ̀dù. Ọ̀já kò sí níbẹ̀ láti tú. Pọ́ọ̀dù náà lè ní iná tirẹ̀ nínú síbẹ̀, kó má sì jí. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Àwọn kan fi òòfà sínú ọmọrí, kí àpótí lè mọ ìgbà tí wọ́n bá ṣí i, kí ó sì fi àmì ránṣẹ́ sí pọ́ọ̀dù kí ọwọ́ tiẹ̀ tó kàn án. Ṣùgbọ́n àpótí náà ló ṣì ń fi àmì ránṣẹ́. Bó bá kú, àmì kò sí.

Nǹkan mìíràn tún máa ń ṣẹlẹ̀, òun ló sì máa ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Ká ní àpótí kú láàárín òru, nígbà tí pọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀. Iná já. Pọ́ọ̀dù gbà pé wọ́n ti gbé òun jáde, ó jí nínú òkùnkùn, ó wá fóònù tó wà lórí tábìlì, ó sì so mọ́ ọn. Ẹni tó ni ín yóò gba ìpè láàárọ̀, yóò máa sọ pé "Hẹ́lò, hẹ́lò," kò ní gbọ́ nǹkan kan, nítorí ohùn ẹni tó pè é ti lọ sínú àpótí tó wà ní pípadé. Bí irú èyí bá ti ṣe yín rí, àpótí yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Pọ́ọ̀dù tó bá ṣe àìsùn báyìí yóò jẹ iná ara rẹ̀ tán kí ilẹ̀ tó mọ́, bí ẹ bá sì yọ ọ́ jáde nígbà náà, ebi gidi ló ń pa á.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bí mo ṣe jókòó sí etí ibùsùn. Lẹ́yìn náà mo mú pọ́ọ̀dù òsì, mo fi ìka lé ibi tí wọ́n máa ń tọ́ bí wọ́n bá fẹ́ dá orin dúró, mo sì fi síbẹ̀ láìgbé e kúrò. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ohùn dún. Iná ṣẹ́jú. Ọmọ náà fò dìde. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti ọ̀tún, mo kà dé mẹ́wàá, kò dáhùn.

Ẹ má fojú kékeré wo títẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yẹn. Pọ́ọ̀dù tó bá jí nígbà tí a fi ìka tẹ̀ ẹ́, àmọ́ tí kò jí nígbà tí a yọ ọ́ nínú àpótí, ara rẹ̀ le. Ẹni tó yẹ kó jí i ni kò sí nílé. Kì í ṣe gbogbo irú pọ́ọ̀dù ló gba kí a fi ìka tàn án, nítorí náà àìdáhùn kò tíì túmọ̀ sí ikú. Ṣùgbọ́n èyí tó bá dáhùn ti bá yín dín iṣẹ́ kù. Níbi tí a dé yìí, mo ti mọ̀ pé ọ̀ràn méjì ló wà lọ́wọ́ wa: àpótí ń ṣàìsàn, pọ́ọ̀dù ọ̀tún sì tún ní ti ara rẹ̀.

Àpótí ni a kọ́kọ́ mú. Iná kan ṣoṣo ló wà níwájú tirẹ̀, àwọn mìíràn máa ń ní mẹ́rin, àwọn mìíràn sì máa ń kọ nọ́ńbà síta. Mo ṣí i, mo pa á dé, mo tún ṣí i: iná kankan kò tàn. Mo bi í bóyá ó ṣáájì rẹ̀. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó ní, "Àǹtí, alaalẹ́ ni mo ń ṣáájì rẹ̀. Ó sùn mọ́ iná ní àná náà." Mo bi í bóyá iná wà lálẹ́ àná. Ó ní iná wà, fóònù òun kún. Mo ní kó gbé ṣájà tó lò wá.

Ṣájà fóònù tuntun rẹ̀ ló gbé wá, èyí tí ẹnu okùn rẹ̀ méjèèjì rí bákan náà, pẹlẹbẹ, kékeré, tí wọ́n ń pè ní táìpù-sí. Mo kì í bọ àpótí, kò sí iná. Mo yí i padà, kò sí iná. Mo wá lọ sí yàrá ìgbàlejò, mo mú okùn àtijọ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kan gbòòrò, tí èkejì jẹ́ táìpù-sí, mo fi í sí orí ṣájà fóònù mi ti tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe kì í bọ̀ ọ́, iná pupa tàn lójú àpótí.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ṣájà tí ihò rẹ̀ jẹ́ táìpù-sí kì í kàn da iná sórí okùn. Ó máa ń kọ́kọ́ wò bóyá ohun tó wà ní ìkángun kejì fi àmì hàn pé òun fẹ́ gbaná, àmì náà sì jẹ́ ẹ̀yà bíńtín kan tó ń dènà iná, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ òhómù 5,100. Àwọn tó ń ṣe pọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú máa ń yọ ẹ̀yà yìí kúrò kí owó lè dínkù. Ṣájà yóò wò títí, kò ní rí àmì, kò sì ní tú iná sílẹ̀. Ṣájà elẹ́nu gbòòrò àtijọ́ kì í bèèrè nǹkan kan, fóòtì 5 wà lórí rẹ̀ nígbà gbogbo. Àìsàn kankan kò ṣe okùn tuntun náà, àìsàn kankan kò sì ṣe fóònù. Wọn kàn ń dúró de àmì tí àpótí kò ní.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ra fóònù tuntun yìí ní ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, alaalẹ́ ló ń ki okùn bọ àpótí, alaalẹ́ ni nǹkan kan kò sì wọlé. Kí ló wá fà á tó fi jẹ́ pé òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kú? Mo yí ìdí àpótí sókè, mo ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: 400 mAh ni ti àpótí, 40 mAh ni ti pọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Lójú, ó dà bíi pé àpótí lè kún pọ́ọ̀dù méjèèjì nígbà márùn-ún, nítorí 80 lọ nínú 400 lọ́nà márùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì inú àpótí jẹ́ nǹkan bí fóòtì 3.7, ó sì ní láti gbé e ga sí 5 kó tó lè fún pọ́ọ̀dù. Gbígbé ga yẹn ń jẹ nínú rẹ̀, ooru tún ń jẹ díẹ̀. Ohun tó máa ń dé ọ̀dọ̀ pọ́ọ̀dù kò ju bí ìgbà mẹ́ta lọ. Ọmọ yìí ń lo tirẹ̀ tán ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta kíkún jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà àpótí ṣófo, pọ́ọ̀dù wá ń jẹ ohun tó ṣẹ́kù lára wọn. Ọjọ́ kẹwàá ló wá kan ilẹ̀kùn mi.

Bí ẹ bá ń yẹ àpótí yín wò, ẹ yọ àwọn pọ́ọ̀dù kúrò nínú rẹ̀ ná, kí iná tí ẹ bá rí lè jẹ́ ti àpótí nìkan. Nínú ọ̀pọ̀ àpótí, bí pọ́ọ̀dù bá wà nínú rẹ̀, iná iwájú lè máa sọ nípa pọ́ọ̀dù, ẹ ó sì rò pé àpótí ló ń sọ nípa ara rẹ̀. Ẹ kì í bọ okùn tí ẹ mọ̀ pé ó ń ṣáájì nǹkan mìíràn, kí ẹ sì fún un ní wákàtí kan kí ẹ tó dájọ́. Bí ẹ bá ń lo páwà-báǹkì nítorí pé iná kò sí, ẹ mọ̀ pé àpótí kò jẹ iná púpọ̀, ọ̀pọ̀ páwà-báǹkì sì máa ń pa ara rẹ̀ bó bá rí i pé ohun tí wọ́n ń fà lára òun kéré jù. Ẹ ó kì í bọ̀ ọ́, yóò tàn, ẹ ó lọ, yóò sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí àpótí bá wú, tí ẹnu rẹ̀ kò padé mọ́ tàbí tí etí tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀ là, ẹ má ṣáájì rẹ̀ mọ́ rárá. Bátìrì inú rẹ̀ ti wú, ó sì lè gbiná.

Wákàtí kan kọjá. Mo dá pọ́ọ̀dù méjèèjì padà sínú ihò wọn láìpa ọmọrí dé. Iná pupa tàn lára òsì, èyí tó fi hàn pé ó ti ń jẹun. Ti ọ̀tún ṣókùnkùn. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́. Iná tàn. Mo gbé ìka kúrò, iná kú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tàn.

Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, inú yín ni kó dùn, nítorí ó fi hàn pé pọ́ọ̀dù kò tíì kú, pé eyín àpótí ní iná, àti pé àlàfo kan ló wà láàárín wọn. Àlàfo náà kò ní láti ju nínípọn bébà lọ. Ẹ lè rò pé pọ́ọ̀dù ti jókòó dáadáa nítorí pé òòfà ti mú un, ẹ tiẹ̀ lè gbọ́ bó ṣe dún kọ́! nígbà tó wọlé, síbẹ̀ kí irin má kan irin. Ohun tí mo máa ń wò ni bóyá àwọn méjèèjì dọ́gba. Mo gbé àpótí sókè sí ojú mi, mo wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Orí ọ̀tún ga ju ti òsì lọ díẹ̀.

Rọ́bà etí ló fà á. Rọ́bà ọ̀tún ti sọnù nínú ọkọ̀ ní oṣù tó kọjá, ó sì mú òmíràn láti ara pọ́ọ̀dù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tuntun náà tóbi díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ó ń tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò, ó sì ń ti pọ́ọ̀dù sókè. Ó rọrùn fún un nínú etí, kò mọ̀ pé kò gbà nínú àpótí. Irú rẹ̀ náà ni àwọn ìbòrí rọ́bà tí àwọn eléré ìdárayá máa ń fi bo pọ́ọ̀dù kó má baà já bọ́. Púpọ̀ nínú wọn ni a gbọ́dọ̀ bọ́ kúrò kí a tó dá pọ́ọ̀dù padà sílé. Bákan náà ni awọ tí wọ́n ń fi wọ àpótí fúnra rẹ̀, bó bá ń dí ọmọrí lọ́wọ́ kó má padé délẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tirẹ̀ ní láti wò bóyá ilé-iṣẹ́ fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín eyín àti ojú irin kí iná má baà tán lọ́jà. Ọ̀rá yẹn mọ́ gaara, ojú lè fò ó, bí a kò bá sì yọ ọ́, pọ́ọ̀dù tuntun yóò dà bí òkú.

Mo yọ rọ́bà náà, mo dá ọ̀tún padà. Iná tàn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo mi àpótí díẹ̀, ó ń kú, ó ń tàn. Nǹkan mìíràn kù. Mo mú tọ́ọ̀ṣì. Ojú irin pọ́ọ̀dù náà ti ní nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú lórí, tó ń yọ̀ bí epo. Òrí tó fi ń para ni, pẹ̀lú òógùn àti ìdọ̀tí etí tó ti dàpọ̀. Nínú ihò, ọ̀kan nínú eyín méjì kò ga tó èkejì. Ìdọ̀tí ti mú un mọ́lẹ̀, sípírín-ìn rẹ̀ kò lè tì í jáde mọ́.

Mo yọ okùn kúrò lára àpótí kí n tó fọwọ́ kan eyín rẹ̀. Mo wé òwú díẹ̀ mọ́ orí igi ìtayín, mo fi sípírítì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì kán an lẹ́ẹ̀kan, mo sì fún un kó má baà máa kán sílẹ̀. Mo nu ojú irin pọ́ọ̀dù títí òwú kò fi yí àwọ̀ padà mọ́. Ìgbà mẹ́rin ni mo pààrọ̀ òwú. Lẹ́yìn náà mo fi orí igi náà tẹ eyín tó wọlé, mo tẹ̀ ẹ́, mo jọ̀wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí ó fi ń dìde bá ẹnìkejì rẹ̀. Mo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó gbẹ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí píìnì họ ibẹ̀. Eyín méjèèjì sún mọ́ra, irin tó bá kan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà yóò so iná wọn pọ̀, ó sì lè pa àpótí tí kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wúrà tí wọ́n fi pa eyín náà lójú fẹ́lẹ́. Bó bá họ, irin abẹ́ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà.

Ọ̀rọ̀ ìdípẹtà yìí yẹ kí àwọn tó ń sáré láàárọ̀, tàbí tí òjò máa ń pa, mọ̀ ọ́n dáadáa. Òógùn tó wà lára pọ́ọ̀dù kò ní ṣe púpọ̀ nígbà tó wà nínú etí. Inú àpótí gan-an ló ti ń ba nǹkan jẹ́. Iyọ̀ wà nínú òógùn, omi iyọ̀ sì máa ń gbé iná kọjá. Bí ẹ bá dá pọ́ọ̀dù tútù padà sínú ihò, fóòtì 5 yóò máa gba inú omi iyọ̀ yẹn kọjá láti ojú irin kan sí èkejì, yóò sì máa jẹ èyí tí iná ti ń wọlé. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré kí ẹ tó rí àwọ̀ ewé tàbí dúdú níbẹ̀. Bó bá ti jẹ ojú irin náà wọnú, sípírítì kò lè dá a padà. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí ẹ sì gbé e sórí tábìlì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó wọlé.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ gbẹ, mo dá àwọn méjèèjì padà. Iná pupa méjì tàn. Mo mi àpótí, wọn kò kú. Mo pa ọmọrí dé, mo ki okùn ẹlẹ́nu gbòòrò bọ̀ ọ́, mo ní kí ọmọ náà lọ wẹ̀ kó lọ jẹun. Ọ̀tún ti lo ọjọ́ mélòó kan láìjẹun, bátìrì irú rẹ̀ tí iná rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an kì í gba iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà; díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún un títí yóò fi tó fóòtì 3, kí wọ́n tó wá fún un bó ṣe yẹ. Nítorí náà ẹni tó bá yọ tirẹ̀ jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún kò tíì dán an wò. Lẹ́yìn wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú, a ṣí ọmọrí. Ó yọ òsì, ó fọhùn. Ó yọ ọ̀tún, ó fọhùn.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀tún kò fọhùn ńkọ́? Mo ní nǹkan méjì tí mo ṣì máa ṣe. Èkíní ni kí n dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n rà á; ìwé kékeré tó bá a wá ló máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, bóyá bọ́tìnnì ara àpótí ni wọ́n ń tẹ̀ pẹ́ tàbí ara pọ́ọ̀dù méjèèjì. Èkejì ni kí n wá ẹni tó ní irú rẹ̀ gan-an, kí n fi pọ́ọ̀dù ọ̀tún tirẹ̀ sínú ihò tiwa, kí n sì fi tiwa sínú ihò tirẹ̀. Bí tirẹ̀ bá gba iná nínú àpótí wa, ihò wa kò ṣe nǹkan kan, pọ́ọ̀dù wa ló kù sí. Bí tiwa bá gba iná nínú àpótí tirẹ̀, àpótí wa ló yẹ kí a gbé lọ fún alátùn-únṣe.

Ìdánwò yìí dára ju mítà lọ. Ọkùnrin kan tó ń tún irú nǹkan báyìí ṣe ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì ní Ìkẹjà ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní ọ̀pọ̀ àpótí máa ń pa iná orí eyín wọn bí wọn kò bá rí pọ́ọ̀dù nínú ihò, kí iná má baà ṣòfò. Ẹni tó bá fi mítà kan eyín ihò tó ṣófo yóò rí òdo, yóò sì dá àpótí lẹ́bi lásán. Ó máa ń fi pọ́ọ̀dù tó mọ̀ pé ara rẹ̀ le dán an wò kó tó mú mítà rárá.

Ibi kan wà tí ìnùnù àti ìjókòó kò lè ràn yín lọ́wọ́. Bí pọ́ọ̀dù bá ń fi iná hàn nínú àpótí, tó kún, tí ẹ yọ ọ́, tó fọhùn, tó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, bátìrì inú rẹ̀ ti gbó. Ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni iye ìgbà tí irú bátìrì yẹn lè kún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, ẹni tó ń lò ó tán lójoojúmọ́ lè dé ibẹ̀ láàárín ọdún méjì. Èyí tí wọ́n gbé sínú dúrọ́ọ̀ fún oṣù púpọ̀ náà lè lọ sílẹ̀ débi pé ẹ̀yà ààbò inú rẹ̀ yóò kọ̀ láti jẹ́ kó gba iná mọ́. Mo máa ń fi irú ìyẹn sínú àpótí tó wà lórí iná fún wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá dáhùn, mo gbà. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ara pọ́ọ̀dù pọ̀, ẹni tó bá là á máa ń ba awọ rẹ̀ jẹ́, iye tí yóò sì gbà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti tuntun. Kí ẹ tó ra odindi, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín bóyá wọ́n ń ta ẹyọ kan, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń ta ọ̀tún tàbí òsì nìkan.

Okùn ẹlẹ́nu gbòòrò yẹn kò padà sí yàrá ìgbàlejò mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi rọ́bà dè é mọ́ àpótí rẹ̀, ó sì gbé e lọ sílé-ìwé. Ó ti ra rọ́bà etí tó kéré. Kó tó fi í sí etí, mo rí i tó kọ́kọ́ dá pọ́ọ̀dù náà padà sínú ihò, tó gbé àpótí sókè sí ojú rẹ̀, tó sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́ bóyá orí méjèèjì dọ́gba.